Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíya àwòrán ipá: ọfà tí kò ní ẹni tó ni ín, àti ásísì tí a tẹ̀ sí ibi tí kò yẹ

Ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní físíìsì gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti fajú ro kó tó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é. 1.93 ni mò ń rí, 0.93 ló wà lẹ́yìn ìwé. Àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì ni?"

Wọn ò tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ìbéèrè náà nìyí: àpótí 20 kg wà lórí pákó tó fi 30° dà gẹ̀rẹ́, irú èyí tí àwọn alábàárù máa ń gbé ti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin kan fi ipá 200 N tì í gòkè. Àmọ́ kò tì í tẹ̀lé gẹ̀rẹ́ pákó o. Ní ìbú ló tì í, bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Ìwọ̀n fíríkíṣàn láàárín àpótí àti pákó jẹ́ 0.2, a sì mú g ní 10. Báwo ni ìyárasí àpótí náà ṣe máa tó?

Mo ní kó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, pákó wà níbẹ̀, ọkùnrin náà pàápàá wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Ọfà méje ló yà. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀.

Àpótí nìkan ló yẹ kó yà. Kó yọ ọ́ kúrò lórí pákó, kó fi í sí àárín ìwé tí kò sí nǹkan mìíràn, kó wá fi ọfà rọ́pò ohun gbogbo tó ń fà á tàbí tó ń tì í. Mo gba ìwé náà, mo ń nawọ́ sí ọfà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi í pé, "Ta ló ń ṣe èyí fún àpótí?" Ayé ló ń fà á wálẹ̀: 200 N, ó dúró. Pákó ń tì í padà ní igun 90° sí ojú ara rẹ̀: R, ó dúró. Pákó kan náà ń fi fíríkíṣàn dí i lọ́nà, ọfà yẹn sì kọjú sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ nítorí òkè ni àpótí ń lọ: ó dúró. Ọwọ́ ọkùnrin náà: ó dúró. A dé orí ọfà karùn-ún, tó kọ "àpótí ń tẹ pákó" sí. Ta ló ń ṣe é fún àpótí? Kò sẹ́ni. Pákó ni àpótí ń ṣe é fún, inú àwòrán pákó ló yẹ kó wà, a ò sì ya ti pákó. Ó pa á rẹ́.

Ọfà kẹfà, "ma", kò ní ẹni tó ni ín bákan náà. Ìyárasí ni àbájáde gbogbo ipá tó kù, kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rántí ibi tó kọjú sí, ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kó má kan ara àpótí.

Ọfà keje ló máa ń tan àwọn tó mọ̀wé jù jẹ. Ó ti ya ìwúwo àpótí, 200 N, wálẹ̀. Ó tún wá ya 100 N tẹ̀lé gẹ̀rẹ́, ó kọ "mg sin 30°" sí i. 100 N yẹn ti wà nínú 200 N tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ya méjèèjì sínú àwòrán kan náà ti ka ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ti pín ọfà kan sọ́nà méjì, ẹ fi ìlà kékeré fagi lé ọfà tí ẹ pín náà, tàbí kí ẹ ya ìpín rẹ̀ sínú àwòrán kejì.

Ọfà mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Ásísì, ìyẹn ìlà x àti y tí a fi ń pín ipá, ló kàn. Ẹ tẹ x sí ọ̀nà tí nǹkan náà ń yára sí, kí y ṣe igun 90° sí i. Àpótí yìí ń yára gòkè pákó, nítorí náà x tẹ̀lé pákó. Ní ọ̀nà y, kò yára rárá, àwọn ipá ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pa ara wọn rẹ́.

Ibí yìí ni 1.93 rẹ̀ ti wá. Ó ti há a sórí pé R = mg cos θ, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìwo àwòrán: 173.2 N. Ó gbàgbé pé ìbú ni ọkùnrin yìí ń tì. Ìpín kan nínú ipá ọwọ́ rẹ̀ ń gbé àpótí gòkè, ìpín kejì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Pákó gbọ́dọ̀ gba ìyẹn náà. Nínú ìlà y, 200 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwúwo, ìkejì jẹ́ ti ọwọ́; nínú ìlà x, ti ọwọ́ ló ṣáájú.

```
y: R = 200 cos 30° + 200 sin 30° = 273.2 N
fíríkíṣàn = 0.2 × 273.2 = 54.6 N
x: 200 cos 30° - 200 sin 30° - 54.6 = 18.6 N
a = 18.6 / 20 = 0.93 m/s²
```

Fíríkíṣàn tirẹ̀ jẹ́ 34.6 N péré. 20 N tó sọnù yẹn ló sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì àti díẹ̀. R kì í ṣe ohun tí à ń há sórí. Inú ìlà y la ti ń wá a, nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ ò bá mọ èwo ni sin, èwo ni cos, ẹ tẹ́ pákó sílẹ̀ lọ́kàn yín, kí igun di 0°. Ìpín ìwúwo tó ń fa àpótí sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ di òdo. sin 0° ni òdo, cos 0° jẹ́ 1. Ẹni tó bá lo cos níbẹ̀ ń sọ pé àpótí máa fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Nígbà tí èyí yé e, mo fún un ní òmíràn lójú ẹsẹ̀: mọ́tò 1000 kg ń yí kọ́nà tí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè ní 30°. (Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà: kọ́nà pápá ìsáré mọ́tò Daytona ní Florida tó 31°.) Kọ́nà náà jẹ́ apá kan òbìrìkítí tó fẹ̀ tó 50 m láti àárín sí etí, kò sì sí fíríkíṣàn. Eré wo ni mọ́tò lè sá tí kò fi ní yọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀?

Kíá ló tẹ ásísì rẹ̀ sí gẹ̀rẹ́, ó sì kọ R = mg cos 30° = 8660 N. Àwòrán náà jọ ti pákó lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò yìí kò yára tẹ̀lé gẹ̀rẹ́. Àárín kọ́nà ló ń yára sí, ní ìbú gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tẹ ásísì, ìyárasí á ní ìpín ní x àti ní y, R kò sì ní bá ìpín ìwúwo dọ́gba mọ́. Ẹ fi x sí ìbú, kí y wà ní òòró.

```
y: R cos 30° = 10000, R = 11547 N
x: R sin 30° = 1000 v² / 50
v² = 50 × 10 × tan 30° = 289, v = 17 m/s
```

Ẹni tó bá lo 8660 á rí 14.7 m/s, nọ́ńbà tí kò jọ irọ́ rárá. R ló máa tú u fó. Apá òòró R nìkan ló ń gbé mọ́tò dúró, nítorí náà R fúnra rẹ̀ kò lè kéré sí 10000 N. Ó wo 8660 náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí ì bá ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn," ó sì gba ìrésà lọ́wọ́ mi.