Pọ́íǹtì Tí Ó Sá Pamọ́ Sí Ibi Tí Ìgò Ti Tẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dída Ìwọ̀n Òògùn Kọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù òògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì, ó sì béèrè ife ìwọ̀n tí ó tóbi ju èyí tí ó bá òògùn ọmọ rẹ̀ wá lọ. Ó ní ife inú páálí náà kò gbà ju 10 ml lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n dà kọ láti ara ìgò sọ pé kí ọmọ oṣù mẹ́jọ máa mu 5 ml sí 25 ml lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ tí ó ń gbé ní Ìkọ̀lé ni ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú màmá kò sì ríran ka lẹ́tà wínníwínní mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì fi lẹ́tà gbàǹgbà da ọ̀rọ̀ ara ìgò náà kọ sínú ìwé.

Mo gba ìwé náà wò. Ọmọ yẹn kò ya ọ̀lẹ rárá: ó kọ ọ́ pé parasítámọ́ọ̀lù olómi ni, pé 120 mg wà nínú 5 ml kọ̀ọ̀kan, ó sì to ọjọ́ orí àti ìwọ̀n lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ibi tí ó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ níwájú ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún kan, mo rí i pé ohun tí ó kọ́kọ́ kọ ni 25 ml sí 5 ml. Ó ti rí i pé òǹkà náà ń lọ sẹ́yìn, ó sì rò pé òun ni òun gbé e kọ òdìkejì, ló bá yí i padà kí ó lè tọ́ lójú.

Àṣìṣe tí ó burú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, nítorí pé àtúnṣe náà ni ó bo àṣírí tí ìbá fi hàn pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Bí ó bá fi 25 sí 5 sílẹ̀ bí ó ṣe rí i, ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò béèrè ìdí tí ìwọ̀n fi ń rẹlẹ̀ dípò kí ó máa ga. Nígbà tí ó tún un tò, ó wá dà bí ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló sì ti di ewu. Ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ òògùn kọ kò gbọdọ̀ tún ohunkóhun ṣe; ohun tí ojú rí ni ọwọ́ ń kọ, ibi tí ojú kò bá sì ti rí, kí ó kọ “kò hàn” síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kì í ṣe kí ó fi òye dí àlàfo náà.

Ọkùnrin náà bi mí léèrè pé, “Ẹ̀yin náà ṣe mọ̀ pé kò tọ̀nà, nígbà tí ẹ kò rí ìgò?” Mo fi ìṣirò kékeré hàn án. Bí 120 mg bá wà nínú 5 ml, a jẹ́ pé 24 mg ni ó wà nínú 1 ml, nítorí náà 25 ml yóò jẹ́ 600 mg. Hóró parasítámọ́ọ̀lù kan tí àgbàlagbà ń lò jẹ́ 500 mg. Ìwé náà wá ń sọ pé kí ọmọ ọwọ́ mu ju hóró àgbàlagbà kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìlà tí ó tẹ̀ lé e nínú ìwé yẹn kan náà, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún ni a ní kí ó mu 5 ml sí 10 ml, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré kì í mu ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ife tí kò gba ju 10 ml lọ pàápàá ti ń sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin náà tó gbéra nílé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìṣirò yìí ju agbára rẹ̀ lọ. Ó lè sọ fún wa pé àdàkọ kan kò tọ̀nà, kò lè sọ ohun tí ó wà lára ìgò. Mo fura pé 2.5 ni, síbẹ̀ n kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ìfura mi náà àbá ni. Mo ní kí ó pe màmá lórí fóònù, kí ọmọ aládùúgbò kan bá wọn ya fọ́tò ìgò náà.

Fọ́tò àkọ́kọ́ kò wúlò. Wọ́n tan iná fóònù sí ìgò gan-an, iná náà sì tàn padà lára bébà dídán, ó fa ìlà funfun gba àárín òǹkà kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ inú fọ́tò kan, bẹ́ẹ̀ ìgò róbótó ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọjú sí wa tààrà nìkan ni ó máa ń fẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ibi tí ìgò ti ń tẹ̀ lọ sẹ́yìn, lẹ́tà á máa fún mọ́ra, 8 á jọ 3, pọ́íǹtì á sì wọ̀ mọ́ òǹkà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé ìgò lọ sí ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí fóònù dúró lójú kan, kí ó jẹ́ ìgò ni wọn yóò máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ó parí fọ́tò kan sì tún fara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Láìsí àtúnhàn yẹn, èèyàn lè so ọjọ́ orí ìlà kan mọ́ ìwọ̀n ìlà mìíràn láìmọ̀. Nínú fọ́tò kẹta ni pọ́íǹtì ti yọjú: 2.5 ml sí 5 ml. Ibi tí ìgò ti tẹ̀ ni ó sá pamọ́ sí.

Nígbà tí à ń yẹ ìwé tuntun tí a dà kọ láti inú fọ́tò wò, mo kọ̀ fún ọkùnrin náà láti ka òǹkà ní odidi. Ní èdè wa, 25 ni márùndínlọ́gbọ̀n, 35 ni márùndínlógójì, etí tí ń gbọ́ lórí fóònù sì lè mú “márùndín” kí ó sọ ìyókù nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kà á: “méjì, pọ́íǹtì, márùn-ún.” Ọmọ aládùúgbò náà ń wo ìgò, èmi ń wo ìwé, mo sì fi bírò yí pọ́íǹtì náà ká. A kò sọ ml di ṣíbí pẹ̀lú, torí ṣíbí ilé kan kò bá ti èkejì dọ́gba.

Àwọn kan máa ń wá páálí tàbí ìgò aládùúgbò láti fi parí ohun tí kò hàn. Páálí wúlò, nítorí pé ojú rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n àfi bí orúkọ, agbára òògùn àti nọ́ńbà ìdì tí a tẹ̀ sára méjèèjì bá bára mu. Parasítámọ́ọ̀lù olómi kan ní 120 mg nínú 5 ml, òmíràn ní 250 mg nínú 5 ml kan náà, èyí tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sì sábà máa ń ní 100 mg nínú 1 ml péré. Agbára tí ó wà nínú 5 ml ìgò kan lè lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin nínú 5 ml òmíràn. Ẹ ṣọ́ mcg náà, tí àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ní mg torí pé c rẹ̀ kéré: 1000 mcg ni ó ń di 1 mg.

Bí fọ́tò kò bá sì fi nǹkan hàn, tàbí tí omi ti pa lẹ́tà rẹ́, ìgò náà gan-an ni kí a gbé lọ bá apòògùn, kì í ṣe àdàkọ rẹ̀, kí a má sì wọn òògùn fún ọmọ nínú rẹ̀ títí a ó fi dé ibẹ̀. Ní ti ọkùnrin yẹn, kò ra ife mọ́. Ó ra abẹ́rẹ́ ìwọ̀n tí kò ní ṣóńṣó, èyí tí ìlà 2.5 hàn kedere lára rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ìkọ̀lé pẹ̀lú ìwé tuntun.