Àṣìṣe tí àwa nọ́ọ̀sì ń ṣe lórí ìyá ìkókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀

Ìyá kan bímọ ní wákàtí méjì sẹ́yìn, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Àwa á dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, a ó ní, "Ìyá ìkókó, kò sí nǹkan, àbí?" Kí ni yóò sọ? Yóò ní kò sí. Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ bi í nígbà tí òòyì náà bẹ̀rẹ̀, iye páàdì tó ti pààrọ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde, àti ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Àrùn tó ṣe é nígbà èwe lè dúró ná.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni yíyẹ ara wò láti orí dé ẹsẹ̀ láì ká aṣọ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ sábẹ́ ìdí. Mo ti rí ìyá tí páàdì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, àmọ́ nígbà tí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti rin gbindin dé ẹ̀yìn. Ẹ yí i. Ẹ má sì fi awọ dúdú mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín lára: ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ wo ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ilé ọmọ yẹ kó le bíi bọ́ọ̀lù. Bó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí àpò ìtọ̀ ti kún. Kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó dáa má tàn yín, nítorí ọkàn a máa yára lù kí ìfúnpá tó já wálẹ̀.

Bí ilé ọmọ bá rọ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ wò tán. Ẹ pariwo pe ẹlòmíràn, kí ẹ máa fọwọ́ pa ilé ọmọ náà títí yóò fi le.

Lórí fóònù ńkọ́? "Dókítà, ara ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹrin kò yá" kì í gbé ẹnikẹ́ni dìde. Ìlànà SBAR tí a fi ń ròyìn aláìsàn ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn ẹ̀yìn, ohun tí a rí tí a sì rò, àti ohun tí a ń fẹ́:

"Dókítà, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ìbímọ ni. Ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ọmọ kẹrin ló bí ní wákàtí méjì sẹ́yìn, ibi ọmọ jáde tán, a sì ti gún un ní ọsitósìn yúníìtì 10 kí ilé ọmọ lè sún kì. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 118, ìfúnpá 90/60, páàdì méjì rin láàárín ìṣẹ́jú 30, ilé ọmọ rọ̀. Mo rò pé ilé ọmọ kò sún kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá báyìí. Ṣé kí a fi ọsitósìn sínú omi kí ẹ tó dé?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn la máa ń gbàgbé. Ẹ tún àṣẹ tí wọ́n bá pa kà sí wọn létí. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, ẹ béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó, kí ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀.