Àṣìṣe tí àwa oníṣẹ́ máa ń ṣe bí wọ́n bá pè wá wá bá ọmọ ilé-ìwé girama sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa

Sọ́fíyọ̀ ni mí, ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ìwé girama ti ń pè mí sí ọjọ́ tí wọ́n ń kó oníṣẹ́ jọ kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, torí ó ti sú àwọn olùkọ́ pé dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà nìkan ló ń gorí pèpéle lọ́dọọdún. Mo fẹ́ràn láti máa lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwa tí a kò gbajúmọ̀ ṣe ń fi àǹfààní yìí ṣòfò nígbà tó bá kàn wá. Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó ti ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó ṣe bánà gàgàrà, ó háyà pírójẹ́tọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Nígbà tó parí, mo bi àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ni bàbá yìí ń ṣe bó bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sí èyí tó lè dáhùn. Owó tó ná lọ bẹ́ẹ̀, àárọ̀ àwọn ọmọ náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má ka orúkọ ogún iṣẹ́ fún wọn. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí kò gbajúmọ̀, ohun tó kàn ni kí wọ́n máa to orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ nínú rẹ́jístà. Bí ọmọ bá gbọ́ orúkọ ogún iṣẹ́, yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀ kó tó délé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ sì tú u palẹ̀ níwájú wọn.

Ìkejì, ẹ má fi ìwé ẹ̀rí yín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìkẹta, èyí sì ń dùn mí gan-an, ẹ má sọ iṣẹ́ yín di ilé ààbò fún ọmọ tí ìwé kò yé. Mo ti gbọ́ ọ léraléra: "Ẹ̀yin tí ìwé ò bá wọlé sí lórí, ẹ má bẹ̀rù, iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ." Ẹ wo ojú àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ti yọ ọkàn rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ yín, torí ẹ ti sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí ìwé nira fún kò sì ní gbé ojú sókè, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Irọ́ sì ni, ó kéré tán nínú iṣẹ́ tèmi. Bí a bá wọ̀n ilẹ̀ yípo, láti igun kan dé èkejì títí a ó fi padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, a ní láti fi ìṣirò mọ bóyá a padà síbẹ̀ ní tòótọ́. Bí àṣìṣe bá ju bó ṣe yẹ lọ, a ó tún padà sínú oko. Ọmọ tó bá sá fún ìṣirò kò lè sá wá bá wa.

Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ènìyàn ńlá, ẹ wá ẹni tí wọ́n mọ̀ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ yín ló ṣe. Herbert Macaulay ni mo máa ń lò. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí olóṣèlú, àwọn kan mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ ló wà lórí náírà kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé ní 1890 ni ìjọba rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, pé nígbà tó dé ní 1893, ilẹ̀ ìjọba ní Èkó ló ń wọ̀n, kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó sì dá dúró. Nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ Apápá, Macaulay ló bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921 Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá Olúwa láre. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń dákẹ́, torí kò sí ẹni tó rò pé ẹni tó mọ ilẹ̀ wọ̀n ló dúró ti olóyè lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu nìkan ṣe é, ẹ ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú wọn. Mi ò gbé ẹ̀rọ olówó ńlá lọ mọ́. Èèkàn mẹ́rin, òòlù kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti téèpù onímítà ọgbọ̀n ni mo ń gbé lọ, àpò kan gbà wọ́n. Mo ń kó wọn jáde sí pápá, mo ń ní kí ọmọ mẹ́rin kan èèkàn mọ́lẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ onígun mẹ́rin, mítà mẹ́fà ní ìbú, mítà mẹ́jọ ní gígùn. Wọ́n á wọ̀n ọ́n fínnífínní. Ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pé, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Mo wá ń ní kí wọ́n na téèpù láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Ó yẹ kó jẹ́ mítà mẹ́wàá géérégé, torí àpapọ̀ mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà àti mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá náà sì nìyẹn. Nílé-ìwé kan tí mo lọ, mítà mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n bá níhà kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá àbọ̀ níhà kejì.

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n wọ̀n ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí èyí tó yẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó na ojú rẹ̀ mọ́ okùn náà, ó ní, "Ẹ sà, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ó rí i. Ilẹ̀ náà ti fì. Ìbú pé, gígùn pé, ṣùgbọ́n igun kò dọ́gba, igun òkè sì ti ya sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Mo sọ fún wọn pé bí ilé bá wà níbí, ọgbà yín ti wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò nìyẹn, ẹjọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bi mí léèrè ohun tí sọ́fíyọ̀ ń ṣe.

Ẹ lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yín. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe yẹn ì bá ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí ó ń jò wá, kó ní kí àwọn ọmọ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Kò nílò jẹnẹrétọ̀.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ká mi lára jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ tán, tí ẹ ń sọ pé "ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lẹ lè jẹ́," tí ẹ kò sì sọ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ẹ ń ṣe àwọn ọmọ náà níbi. Mo mọ̀, torí mo ṣe é. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo sọ̀rọ̀ dáadáa nílé-ìwé kan, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń pariwo. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì SS2 tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀, ó ní iṣẹ́ yìí gan-an lòun ń wá. Mo bi í pé kí ni àwọn ẹ̀kọ́ tó ń ṣe. Ó ní Lítíréṣọ̀, Ìjọba, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kírísítì. Kò ní Físíìsì. Ó ti fi í sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ SS1 torí ẹnì kan sọ fún un pé ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ló nílò rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ mi ti pẹ́ jù fún un ní ọdún kan gbáko.

Láti ọjọ́ náà, bí ilé-ìwé bá pè mí, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé kíláàsì wo ni wọn óò kó jọ. SS3 ni wọ́n sábà máa ń kó wá, torí wọ́n rò pé àwọn ló ń jáde. Mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó JSS3 àti SS1 wá, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń pín sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́máṣíà, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ púpọ̀ ti ń tì láìsí ariwo. Fún iṣẹ́ tèmi, Ìṣirò, Físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà láàárín kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò WAEC. Ìdánwò JAMB, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni: Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, Ìṣirò, Físíìsì, àti ọ̀kan sí i, tó sábà máa ń jẹ́ Kẹ́mísìrì tàbí Jọ́gíráfì. Ilé-ìwé kan yàtọ̀ sí èkejì níbi ẹ̀kọ́ kẹrin yìí, nítorí náà kí ọmọ yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ti ọdún tó fẹ́ ṣe ìdánwò wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà. Ó lè gba yunifásítì fún ọdún márùn-ún. Ó sì lè gba ilé-ìwé bí Federal School of Surveying tó wà ní Ọ̀yọ́, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908: ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì sí i fún HND. Kì í ṣe ibẹ̀ ló parí sí o. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó jáde lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sí sọ́fè fún oníbàárà títí SURCON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1989 dá sílẹ̀, yóò fi dán an wò tí yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn yòókù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má bú dókítà kí iṣẹ́ yín lè dùn. Ẹ má kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má gbé mọ́tò tuntun wọlé kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá béèrè owó, wọn óò sì béèrè, ẹ sọ òtítọ́: oníbàárà á san ìdajì kí n tó gbé àdá, ìdajì tó kù lè dúró oṣù mẹ́ta, oṣù mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa igbó, ejò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó máa ń gba téèpù lọ́wọ́ ẹni.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ kọ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sójú pátákó gàdàgbà, kí ẹ sì ní kí gbogbo ọmọ mú bírò. Èyí tó jókòó sẹ́yìn pátápátá máa ń pẹ́ kọ. Ẹ dúró dè é.