Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lára ráútà rẹ: bí a ṣe ń pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì àti ti ráútà fúnra rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta oògùn ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, inú ń bí i. Ó ní dátà òun kì í dé ìdajì oṣù mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. "Èmi fúnra mi ni mo wọ inú ẹ̀ o. Mo fi òmíràn síbẹ̀, mo pa ráútà, mo tún tàn án. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń fi dátà mi wo bọ́ọ̀lù."

Kò purọ́. Ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pààrọ̀ kọ́ ni àwọn ọmọ yẹn ń lò.

Ẹ wo ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Gbogbo ayálégbé ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì, wọ́n á sì máa yá àlejò wọn. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré tí mítà iná àti ṣíwíìṣì ẹ̀rọ omi wà, onílé nìkan ló ń ṣí i. Pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì ni kọ́kọ́rọ́ géètì. Òun ni fóònù ń béèrè kó tó wọlé, òun náà ni kì í jẹ́ kí aládùúgbò rí ohun tó ń kọjá nínú afẹ́fẹ́ láàárín fóònù rẹ àti ráútà. Pásíwọ́ọ̀dù kejì, tí wọ́n ń pè ní ti `admin`, kò ní kí ẹnikẹ́ni wọ íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí kó má wọ̀ ọ́. Ojúewé ètò ráútà nìkan ló ń ṣí, níbi tí wọ́n ti ń sọ orúkọ wáìfáì, tí wọ́n ti ń lé ènìyàn jáde, tí wọ́n sì ti ń pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì. Nítorí náà, bí o bá pààrọ̀ ti `admin` láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù tó ti wọlé ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Sítíkà ìdí ráútà ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ méjèèjì sí. Ráútà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ TP-Link TL-WR840N, irú èyí tó ní ojúewé aláwọ̀ ewé. Ní ìdí rẹ̀, wọ́n kọ `Wireless Password/PIN`, nọ́ńbà mẹ́jọ sì tẹ̀ lé e. Ti wáìfáì nìyẹn, nọ́ńbà ti ráútà kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Nítòsí rẹ̀ ni `Username: admin` àti `Password: admin` wà. Èyí kò yàtọ̀ láti ráútà kan sí èkejì: ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ rí mọ tìrẹ.

Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba géètì kọjá lè gba yàrá mítà lọ. Ọmọ tí o fún ní wáìfáì lánàá lè ṣí ojúewé ètò, kó tẹ admin, kó tún tẹ admin, kó sì ka pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì tuntun rẹ bó ṣe wà gan-an. Ẹni tó burú jù ú lọ á pààrọ̀ `DNS`, ìyẹn ibi tí fóònù ti ń béèrè pé ojúewé báńkì báyìí, níbo ló wà. Lọ́dún 2018, wọ́n tú àṣírí irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní GhostDNS. Ó ti wọ ráútà tó lé ní 100,000, Brazil ni èyí tó pọ̀ jù lọ wà, pásíwọ́ọ̀dù tí wọn ò pààrọ̀ tàbí tó rọrùn láti mọ̀ sì wà lára ọ̀nà tó gbà wọlé. Àwọn onílé tẹ orúkọ báńkì wọn bó ṣe yẹ, ojúewé ayédèrú ló ṣí fún wọn.

Bí a ṣe ń dé ojúewé náà

So fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù mọ́ wáìfáì ráútà náà gan-an. Bí o bá ní wáyà, fi sí ihò tí wọ́n kọ `LAN` sí, ó dára jù bẹ́ẹ̀ torí wáyà kì í já nígbà tí wáìfáì bá ń yí padà. Bí fóònù lo bá fẹ́ lò, pa dátà síìmù rẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ló kọ̀ láti ṣe èyí: bí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá sí lórí wáìfáì lásìkò yẹn, fóònù á gba orí síìmù lọ wá ráútà, kò sì ní rí i láéláé. Lẹ́yìn náà, tẹ èyí sí ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí lókè pátápátá:

```
http://192.168.0.1
```

Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀ o, kì í ṣe lẹ́tà O àti l. Má sì gbàgbé `http://` níwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Google lè kó ìpolówó wá bá ọ. Ti Máífáì Huawei sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1, ti àwọn mìíràn jẹ́ 192.168.1.1. Bí kò bá dá ọ lójú, tẹ orúkọ wáìfáì náà nínú ètò fóònù rẹ, kí o wo ohun tó wà níwájú `Gateway`. Lórí iPhone, `Router` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá ní `Not secure`, má jáyà. Inú ilé rẹ lo wà, ráútà kéékèèké púpọ̀ ni kò ní ìwé ẹ̀rí tí Chrome ń béèrè.

Ti admin ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀

Ìdí méjì ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wáìfáì, ráútà á já ọ dànù láàárín iṣẹ́. Èkejì, ẹni tó ti mọ `admin` tẹ́lẹ̀ ò ní lè wọlé wá ka èyí tuntun tí o fẹ́ kọ.

Nínú ojúewé aláwọ̀ ewé náà, tẹ `System Tools` lápá òsì, kí o wá tẹ `Password`. Kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, kọ tuntun, tún tuntun náà kọ, kí o sì tẹ `Save`. Bí ó bá lé ọ jáde tó ní kí o tún wọlé, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn. Bí kò bá lé ọ jáde, gbìyànjú láti wọlé láti inú fóònù mìíràn pẹ̀lú admin àtijọ́. Bí ó bá ṣì gbà, kò tíì wọlẹ̀. Má fi àlàfo sáàárín pásíwọ́ọ̀dù yìí, má sì jẹ́ kó ju lẹ́tà 15 lọ, torí irú ráútà àtijọ́ yìí kì í gbà jù bẹ́ẹ̀.

Lórí TP-Link tí ojúewé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, `Advanced` lo máa tẹ̀, lẹ́yìn náà `System Tools`, kí o tó dé `Administration`. Ọ̀pọ̀ ráútà tuntun ò tilẹ̀ ní admin/admin mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti ní kí o ṣe tìrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni òfin ti kọ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti fi pásíwọ́ọ̀dù kan náà sára gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wáìfáì

Tẹ `Wireless`, lẹ́yìn náà `Wireless Security`. Mú `WPA/WPA2 - Personal`, kí `Encryption` jẹ́ `AES`, kí o sì kọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí `Wireless Password`. Kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, kò sì gbọdọ̀ ju 63 lọ. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí kò bára tan, tí a so pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ju nọ́ńbà fóònù tí gbogbo àdúgbò mọ̀ lọ. Ohun kan wà tó kan àwa Yorùbá: má fi àmì ohùn tàbí ẹ, ọ, ṣ sí i. Lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti àwọn àmì bíi @ nìkan ni wáìfáì fàyè gbà níbẹ̀. Mo ti rí i tí ẹnì kan fi ìka kọ "ẹ̀wà" pẹ̀lú àmì, tí ráútà gbà á, tí kò sí fóònù tó lè wọlé mọ́.

Tẹ `Save`. Ó lè ní kí o pa ráútà kí o tún tàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á já: fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ POS tó ń lo wáìfáì. Lórí fóònù rẹ, tẹ `Forget` lára orúkọ wáìfáì náà kí o tó tún wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ti èyí àtijọ́ wọ inú ráútà. Ráútà tó ní 2.4GHz àti 5GHz ní ibi méjì tí wọ́n ti ń kọ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó pààrọ̀ ọ̀kan, tó gbàgbé èkejì, géètì iwájú ló tì, ti ẹ̀yìnkùlé ṣì wà ní ṣíṣí.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, pa `WPS` náà. Bọ́tìnì yẹn ń jẹ́ kí ẹni tó bá lè fọwọ́ kan ráútà wọlé láìmọ pásíwọ́ọ̀dù kankan.

Láti mọ àwọn tó wà lórí rẹ̀ báyìí, wo `Wireless Statistics`, má wo `DHCP Clients List` nìkan. Orúkọ ẹni tó ti lọ lè wà nínú ìwé DHCP fún wákàtí méjì kó tó pa rẹ́, o sì lè torí ẹ̀ máa bá òjìji jà.

Pásíwọ́ọ̀dù tuntun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí o bá fún lè fi fóònù rẹ̀ ṣe kóòdù tí ọ̀rẹ́ á kàn yàwòrán, kí ìyẹn náà sì wọlé. Nítorí náà, fún oníbàárà, lo `Guest Network` bí ráútà rẹ bá ní in, kí o máa pààrọ̀ ti ibẹ̀ nìkan.

Bí o bá gbàgbé ti `admin`, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún ọ. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tí wọ́n kọ `Reset` sí. Fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 nígbà tí iná wà nínú rẹ̀. Ohun gbogbo á padà sí ti sítíkà. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ bá fún ọ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù `PPPoE`, ìyẹn náà á pa rẹ́. Kọ wọ́n sílẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Má sì gbé ráútà sí ibi tí ọwọ́ àlejò lè dé, torí píìnì kan ló kù kí tìrẹ tún di admin/admin.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún ni gbogbo rẹ̀ gbà wá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ wíwá gíláàsì ojú rẹ̀ láti fi ka sítíkà. A kò tíì jókòó tán tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdí igi náà fi yọjú sí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná ti lọ ni? Wáìfáì yín ò gbé mọ́."