Bí Mo Ṣe San Owó Ilé-Ìwé Àbúrò Mi Nígbà Ọ̀wọ́n Dọ́là

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ilé-ìwé kan ní Amẹ́ríkà ní kí àbúrò mi san 5,000 dọ́là. Lọ́dọ̀ ìjọba, dọ́là kan ń lọ ní bíi 460 náírà, àwọn àbókì tó ń ṣẹ́ńjì owó ní ìta sì ń tà á ní bíi 750. Bí báńkì bá tà á fún mi, 2,300,000 ni màá san. Tó bá jẹ́ ti ìta, 3,750,000.

Ta ni yóò fi 1,450,000 náírà tọrẹ? Báńkì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo kún Fọ́ọ̀mù A, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè dọ́là ní báńkì, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo so ìwé ìgbàwọlé, ìwé owó ilé-ìwé àti páásìpọ́ọ̀tù mọ́ ọn. Wọ́n gbà á wọlé, mo kó náírà sílẹ̀, mo ń retí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá pè, ohun kan náà ni òṣìṣẹ́ wọn ń sọ: “Ẹ má bínú, sà, orúkọ yín ti wà lórí ìlà, dọ́là ni ò tíì dé.”

Òótọ́ ló sọ. Epo rọ̀bì ló ń mú dọ́là wọlé fún ìjọba jù lọ, èyí tí wọ́n sì ń wà jáde lójúmọ́ ti já wálẹ̀ lọ́dún 2022 débi tí kò pé mílíọ̀nù kan àgbá láwọn oṣù kan. Síbẹ̀ Báńkì Àpapọ̀ kò jẹ́ kí iye owó gòkè tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọjà kò tó tí owó rẹ̀ kò sì sún, ìlà ló máa ń gùn. Ẹni tí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ ti sún mọ́lé kò lè dúró, ìta ló ń lọ.

Èyí tó burú jù ni pé àlàfo náà ń bọ́ ara rẹ̀. Ọmọ wa tó ń fowó ránṣẹ́ sílé láti Houston, kí ló máa mú un gba 460 lórí dọ́là rẹ̀ ní báńkì, nígbà tí 750 wà níta? Bẹ́ẹ̀ ni dọ́là báńkì tún ṣe ń dín kù sí i. Ẹni tó sì mọ èèyàn ní báńkì, tó rí i rà ní 460, lè lọ tà á níta kó jèrè 290 náírà lórí ẹyọ kan, láìjẹ́ pé ó nílò rẹ̀ rárá. Irú wọn náà wà lórí ìlà tí mo wà.

Mo gba náírà mi padà. Ìbátan wa kan lọ́hùn-ún ń kọ́lé ní Ìbàdàn, náírà ló ń wá. A fẹnu kò sí 740. Òfin ò fọwọ́ sí ọjà ìta, kò sì sí ẹni téèyàn máa fẹjọ́ sùn tí nǹkan bá dàrú, nítorí náà a pín in sí méjì: ó san 2,500 fún ilé-ìwé, rìsíìtì dé, mo fi 1,850,000 ránṣẹ́ sí kọ́ńtírátọ̀ rẹ̀, ká tó ṣe ìyókù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú iye owó dọ́là sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀, iye méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n dọ́là kò tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, tìta ti kọjá 1,000, ti báńkì ṣì wà nísàlẹ̀ gan-an.