Scale, Ọfà Ńlá àti Magnifier: Èwo Ló Yẹ Ojú Tí Kò Ríran Dáadáa Mọ́?

Ohun méjì ló máa ń dààmú ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ sì ni ìkínní sí èkejì. Ó lè jẹ́ pé kò rí lẹ́tà kà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń rí i kà, àmọ́ ọfà máòsì ló ń wá kiri. Àwọn ọmọ ilé kì í bi í léèrè; wọ́n á kàn gbé Scale, ètò Windows tó ń mú kí ohun gbogbo lórí síkírínì tóbi, sókè, wọ́n á ní ó ti parí. Scale kò sì tán gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Excel ni wọ́n ń kọ ọjà sí, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí síkírínì rẹ̀ jẹ́ 1366 × 768. Òpó mẹ́jọ ni ìwé wọn ní: ọjọ́, orúkọ oníbàárà, irú aṣọ, iye yáàdì, iye owó, èyí tí wọ́n san, gbèsè, àti nọ́ńbà fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ dán ojú wọn wò. Ẹ fi ìka yín tọ́ka sí àpótí kan, kí ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n gbójú kúrò, ẹ gbé ọfà sí igun kan, kí ẹ wá ní kí wọ́n wá a. Tí wọ́n bá ka àpótí náà láìsí wàhálà, àmọ́ tí ọfà kò tètè hàn sí wọn, ẹ má tíì fọwọ́ kan Scale rárá.

Scale, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó dúró

Ní Windows 11, Settings > System > Display > Scale ni ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó dára nípa Scale ni pé kọ̀ǹpútà á tún lẹ́tà náà yà ní títóbi, nítorí náà ó máa ń mọ́ kedere. Ìṣòro rẹ̀ ni pé síkírínì kò fẹ̀ sí i. Tí ẹ bá fi 1366 × 768 sí 125%, àyè tó kù fún iṣẹ́ dà bíi 1093 × 614. Tó bá di 150%, ó di nǹkan bíi 911 × 512. Nínú Excel ìyá wa yìí, tí àwọn bọ́tìnnì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá ti gba tiwọn, ìlà bíi mẹ́wàá péré ló máa kù lójú, òpó gbèsè á sì ti jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. (Ctrl + F1 máa ń ká àwọn bọ́tìnnì òkè kúrò, ìyẹn á dá ìlà díẹ̀ padà.)

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Ẹ ṣí àwọn fèrèsé kéékèèké tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, bíi ti ìtẹ̀wé. Tí OK tàbí Cancel bá ti bọ́ sísàlẹ̀ síkírínì tí kò hàn mọ́, ẹ dín Scale kù. Tó bá ti há yín mọ́ ibẹ̀, ẹ tẹ Alt + Space, ẹ tẹ M, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì ọfà òkè gbé fèrèsé náà sókè títí OK á fi yọ.

Lórí irú síkírínì yìí, 125% ni à bá dúró sí. Tó bá jẹ́ lẹ́tà àwọn àkọlé àti mẹ́nù nìkan ló ṣì kéré, ẹ lọ sí Settings > Accessibility > Text size, ó lè dé 225%. Inú Excel fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ di Ctrl mú kí ẹ yí róbótó àárín máòsì. Àwọn àpótí nìkan ló máa tóbi, bọ́tìnnì kò ní tóbi.

Ọfà ńlá

Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ kò gba àyè kankan lórí síkírínì. Ẹ lọ sí Settings > Accessibility > Mouse pointer and touch. Ní Windows 10, Ease of Access ni wọ́n ń pe Accessibility. Size bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 15. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4 tàbí 5, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Àwọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Ọfà dúdú lórí àwòrán àdìrẹ aláró kò ní hàn, bó ti wù kó tóbi tó. Ọfà funfun náà á sì sọnù sínú ojú Excel tó funfun báláú. Àwọ̀ tó ń yí padà sí òdìkejì ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ tó bá dé orí àwọ̀ eérú, òdìkejì eérú náà kò jìnnà sí eérú, kò sì ní hàn. Ẹ yan Custom, kí ẹ mú àwọ̀ ìyeyè tó tàn tàbí ewé tó mọ́lẹ̀.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́jú níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ní ibi tirẹ̀: Accessibility > Text cursor. Ẹ tan Text cursor indicator níbẹ̀, kí ẹ sì fẹ ìlà náà.

Magnifier

Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú + ló ń ṣí i, Windows pẹ̀lú Esc ló ń pa á. Kò tún lẹ́tà yà bíi Scale. Àwòrán síkírínì ló ń fà gbòòrò, ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi máa ń rí wúruwùru tó bá pọ̀. Ní 200%, ìdá kan nínú mẹ́rin síkírínì lẹ ń rí. Ní 300%, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìyá wa á rí 12,500, wọn ò ní mọ̀ bóyá òpó owó ló wà tàbí òpó gbèsè, torí pé àkọlé òpó ti jáde lójú. Àṣìṣe ìwé owó kò sì ṣeé fi ṣeré.

Nítorí náà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní fífẹ̀ gbogbo síkírínì. Ctrl + Alt + D á gbé ibi tó fẹ̀ sí apá òkè, ìyókù síkírínì á sì wà bó ṣe wà. Ctrl + Alt + L á sọ ọ́ di gíláàsì tó ń tẹ̀lé ọfà. Ẹ di Shift + Alt mú kí ẹ fi bọ́tìnnì ọfà fẹ̀ ẹ́ ní ìbú, kó gba odindi ìlà kan. Ẹ tún wọ Settings > Accessibility > Magnifier, kí ẹ dín Zoom increment kù sí 25%, torí pé 100% ló ń fò lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì máa ń kó ojú dàrú.

Ìkìlọ̀ kan: Magnifier máa ń fẹ ọfà náà pẹ̀lú. Ọfà tí ẹ fi sí 8, tó bá dé 300%, á bo nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kà mọ́lẹ̀. Ẹ dá Size padà sí 2 tàbí 3 bí Magnifier bá ni ẹ ń lò jù.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti dín lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ríran bí ẹni tó ń yọjú nínú páìpù, kò gbọ́dọ̀ fẹ nǹkan púpọ̀. Bó bá ti ń fẹ̀ ni ohun tó wọ inú ìwọ̀nba tó ń rí á máa dín kù. Ẹ fi Scale rẹ̀ sílẹ̀ ní 100% tàbí 125%, ẹ fún un ní ọfà aláwọ̀ tó tàn, kí ẹ sì tan «Show location of pointer when I press the CTRL key» nínú Additional mouse settings, lábẹ́ Pointer Options. Tó bá tẹ Ctrl, òbìrí á yọ yí ọfà náà ká. Ẹni tí àárín ojú rẹ̀ ló bàjẹ́ ni Magnifier wúlò fún jù.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kafé tàbí ti ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni, Magnifier nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Tí ẹ bá ti tẹ Windows pẹ̀lú Esc, ó ti kúrò nìyẹn; Scale tí ẹ bá yí padà ni ẹni tó kàn á bá níbẹ̀.