Páńkéèkì àárọ̀ nígbà tí béékìn páúdà bá tán

Páńkéèkì ilé wa kò ní wàhálà: kọ́ọ̀bù fúláwà 1, kọ́ọ̀bù mílíìkì 1, ẹyin 1, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 1, béékìn páúdà ṣíbí tíì 1, iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà àti ata tí a rẹ́ wẹ́wẹ́. Nínú gbogbo wọn, béékìn páúdà ni àìsí rẹ̀ máa ń hàn jù, torí òun ló ń mú un wú.

Bí béékìn sódà bá wà nílé, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ti tó. Ṣùgbọ́n sódà ń fẹ́ ohun kíkan kó tó lè hó, nítorí náà, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 2 sínú mílíìkì náà. Ẹ po sódà mọ́ fúláwà, ẹ gbé páànù kaná kó gbóná, kí ẹ tó wá da mílíìkì sí fúláwà náà. Bí wọ́n bá ti pàdé ni híhó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbé fóònù lásìkò yẹn, pẹlẹbẹ ni yóò jẹ.

Mo ti fi sódà ṣíbí tíì kan gbáko sí i rí, mo ní kó lè wú dáadáa. Ó wú lóòótọ́, àmọ́ ó pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, ó sì ń dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Ọmọ mi gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó rọra gbé àwo padà sí ilé ìdáná. Káún náà kò lè rọ́pò rẹ̀, adùn ọṣẹ kan náà ni.

Bí sódà kò bá sí, ẹyin yẹn lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì: kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kó sì mú un wú. Ẹ ya funfun rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àwo tí òróró kò sí lára rẹ̀, kí ẹ po pupa mọ́ ìyókù. Ẹ fi fọ́ọ̀kì na funfun náà títí yóò fi rú bí ìfófòó ọṣẹ. Ẹ yí àwo dojú dé: bí kò bá yọ̀ kúrò, ó ti tó. Ẹ wá dà á sí i, kí ẹ máa fi ṣíbí gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rò ó bí ọkà, afẹ́fẹ́ á jáde tán.

Bó bá jẹ́ ẹyin ni kò sí, ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńlá tó pọ́n dáadáa ni kí ẹ tẹ̀ kúnná. Ó ń lẹ̀ mọ́ra, kì í wú, nítorí náà béékìn páúdà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ dín ṣúgà kù, ẹ dín iná kù torí ó ń tètè jó, kí ẹ sì ṣe é kéékèèké bí àtẹ́lẹwọ́, kó má baà já nígbà tí ẹ bá ń yí i. Ìgbà tí ihò orí rẹ̀ bá là tí kò padé mọ́ ni kí ẹ yí i. Ẹ yọ àlùbọ́sà àti ata kúrò nínú eléyìí. Ẹnu mi kò gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlùbọ́sà ni kò sí, àlùbọ́sà eléwé ẹyọ 2 tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ tó. Bí ìyẹn náà kò bá sí, ẹyọ kékeré kan lára áyù, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.